Háídírómítà lè sọ bí ọtí ṣe le tó, kò lè sọ pé májèlé ò sí níbẹ̀

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ègbògi àti paraga ni mò ń tà ní Àkúrẹ́ níbí. Láti Igbókòdá ni wọ́n ti ń gbé ògógóró wá fún mi ní kẹ́ẹ̀gì. Ẹni tó ń gbé e wá ní kí n máa gbóòórùn rẹ̀, kí n sì ṣáná sí díẹ̀ nínú ṣíbí. Tó bá ti ta sánsán, tí iná rẹ̀ sì jó búlúù, ojúlówó ni. Ọmọ mi wá ra háídírómítà ọtí fún mi, ó ka 46. Ṣé mo lè fọkàn balẹ̀ pé irú májèlé tó pa àwọn èèyàn ní Òde-Ìrèlè ò sí nínú tèmi?"

Rárá, Ìyá wa. Nọ́ńbà 46 yẹn ò lè fi yín lọ́kàn balẹ̀ lórí ìyẹn, òórùn ò lè ṣe é, iná búlúù náà ò lè ṣe é. Mi ò ní kí ẹ ju háídírómítà yín nù o, ó wúlò gan-an. Àmọ́ ìbéèrè kan ṣoṣo ló lè dáhùn: báwo ni ọtí yìí ṣe le tó? Irú ọtí tó wà nínú rẹ̀, ìyẹn kọjá agbára rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé èyí tó lè ṣe, nítorí 46 tí ẹ kà yẹn gan-an lè má jẹ́ 46.

Ọtí tí à ń mu, tí àwa oníláàbù ń pè ní ẹ́tánọ́ọ̀lù, fúyẹ́ ju omi lọ. Tí ara méjèèjì bá wà ní ìwọ̀n 20 lórí tẹmómítà, mìlílítà omi kan wúwo tó gíráàmù 0.998, ti ẹ́tánọ́ọ̀lù kò ju 0.789 lọ. Bí ọtí bá ṣe pọ̀ sí nínú omi ni àdàlù náà ń fúyẹ́ sí, bó bá sì ṣe fúyẹ́ tó ni háídírómítà tó ń léfòó nínú rẹ̀ máa rì wọlé tó. Àwọn tó ṣe ohun èlò náà ti ka gbogbo èyí sílẹ̀, wọ́n sì fi nọ́ńbà sí ọrùn rẹ̀, kó lè jẹ́ pé ìdá ọtí nínú ọgọ́rùn-ún ni ẹ máa kà níbẹ̀. Ọtí tí ìdá 40 rẹ̀ jẹ́ ẹ́tánọ́ọ̀lù máa ń wúwo tó 0.948 fún mìlílítà kan. Tó bá jẹ́ ìdá 50, yóò wá sí 0.930.

Nọ́ńbà wọ̀nyí, ìgbà tí ọtí bá wà ní ìwọ̀n 20 nìkan ni wọ́n péye. Ẹ yẹ ara háídírómítà yín wò, ẹ máa rí i níbi tí wọ́n ti kọ ọ́. Èyí tí wọ́n ṣe fún 20 ló pọ̀ jù nínú wọn, àwọn mìíràn wà tí wọ́n ṣe fún 15. Ní Àkúrẹ́ wa yìí, lọ́sàn-án, kẹ́ẹ̀gì tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù lè wà ní 30 tàbí 32. Ọtí tó bá gbóná máa ń fẹ̀, tó bá ti fẹ̀, á fúyẹ́, háídírómítà á rì ju bó ṣe yẹ lọ, á sì máa bu agbára tí kò sí fún ọtí náà. Fún ọtí tó wà ní àyíká 40, ìwọ̀n kan ìgbóná máa ń fi bí 0.4 kún un. Tí ó bá jẹ́ pé ní ìwọ̀n 32 ni ẹ ka 46 yín, ìwọ̀n 12 ló fi ju 20 lọ. Ìlọ́po 12 ti 0.4 jẹ́ 4.8. Ẹ yọ ọ́ kúrò, ó ku bí 41. Ẹni tó tà á fún yín lórí 46 ti gba owó ìdá márùn-ún tí kò sí níbẹ̀, bóyá òun náà ò tiẹ̀ mọ̀.

Nítorí náà, ẹ ra tẹmómítà mọ́ ọn. Tàbí kí ẹ gbé ife gígùn tí ọtí wà nínú rẹ̀ sínú bàsíà omi tútù pẹ̀lú áìsì díẹ̀ títí yóò fi wá sí 20, kí ẹ tó kà á. Kí ife náà fẹ̀ tó tí háídírómítà ò ní fara kan ẹ̀gbẹ́. Ẹ yí i díẹ̀ kí ìfófòó tó lẹ̀ mọ́ ọn lè bọ́, nítorí ìfófòó máa ń gbé e sókè. Ẹ wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ojú yín dọ́gba pẹ̀lú ojú ọtí, kí ẹ ka ibi tó tẹ́jú, kì í ṣe etí tó gun ọrùn rẹ̀.

Ti ògógóró funfun nìyẹn. Paraga yín ò ní jẹ́ kí háídírómítà sọ òótọ́ rárá. Gbòǹgbò, èèpo igi, ṣúgà tí wọ́n yan, oyin, gbogbo ohun tó bá ti yòrò sínú ọtí ló ń mú un wúwo. Ọtí ń fà á sísàlẹ̀, ṣúgà ń tì í sókè, nọ́ńbà tí ẹ bá sì kà ò ní jẹ́ ti èyíkéyìí nínú wọn. Ìdí tí a fi máa ń sè é ní láàbù nìyí, kí ọtí lè kúrò lára ohun tó yòrò sínú rẹ̀.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. Ẹ jẹ́ ká mú paraga kan tí wọ́n fi oyin sí bí àpẹẹrẹ. Ìgò kékeré kan wà tí a ń lò, ìdérí rẹ̀ ní ihò tín-ín-rín, kí ohun tó bá wọ inú rẹ̀ lè jẹ́ iye kan náà nígbà gbogbo. A wọn ìgò náà lófìfo: gíráàmù 30.00. A fi omi kún un ní ìwọ̀n 20, a tún wọ̀n ọ́n: 79.91. Omi inú rẹ̀ jẹ́ 49.91, tó túmọ̀ sí pé mìlílítà 50 ni ìgò yẹn ń gbà. A da omi nù, a gbẹ ẹ́, a fi paraga kún un: 78.60. Paraga náà jẹ́ 48.60. Ẹ pín in sí 50, ó jẹ́ 0.972. Tí a bá gba nọ́ńbà yìí gbọ́, ọtí náà ò ju bí 21 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, ẹni tó mu ún á sì sọ fún yín pé irọ́ ni.

A wá wọn mìlílítà 100 paraga náà gẹ́lẹ́, ní ìwọ̀n 20, sínú ìgò tí iná kì í fọ́. A fi omi díẹ̀ ṣan ohun tí a fi wọ̀n ọ́n mọ́ ọn kí ẹ̀kán má baà ṣẹ́ kù, a sì tún fi omi kún un kí ṣúgà má baà jóná nísàlẹ̀. A so ó mọ́ páìpù tí omi tútù ń ṣàn yí ká, a sè é jẹ́jẹ́. Oru ọtí á gba inú páìpù kọjá, á di omi padà, á máa kán sínú ìgò mìíràn tó ní àmì 100 lọ́rùn. Ṣúgà, oyin àti àwọ̀ gbòǹgbò ò lè bá oru lọ, ẹ̀yìn ni wọ́n máa kù sí. Nígbà tí ohun tó kán bá ti ń sún mọ́ àmì yẹn, bíi 95, gbogbo ọtí ti jáde nìyẹn. A pa iná, a mú un wá sí ìwọ̀n 20, a fi omi mímọ́ gbé e dé 100 gẹ́lẹ́. Ọtí tó wà nínú 100 àkọ́kọ́ ló wà nínú 100 kejì yìí, oyin rẹ̀ nìkan ló ti lọ.

A tún fi kún ìgò kékeré wa. Lọ́tẹ̀ yìí, ohun tó wà nínú rẹ̀ jẹ́ 47.51. Ẹ pín in sí 50: 0.950. Ìyẹn bọ́ sáàárín 38 sí 39 nínú ọgọ́rùn-ún. Ọtí kan náà tí háídírómítà ì bá pè ní 21 nìyẹn. Ohun tó wà láàárín 0.950 àti 0.972 jẹ́ oyin àti ègbògi, tó gíráàmù 55 nínú lítà kan.

Ibi tí nǹkan sábà máa ń bàjẹ́ ni páìpù. Tí omi ibẹ̀ ò bá tutù tó, oru ọtí á sá lọ sínú afẹ́fẹ́, nọ́ńbà á wálẹ̀, yàrá á sì máa rùn. Nítorí oru yẹn kan náà ni mi ò fi ní fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dán an wò ní kíṣìnnì lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù: ó máa ń gbaná.

Ẹ kíyè sí i pé gbogbo ohun tí a ṣe yìí, láti orí háídírómítà títí dé orí ìgò tí a sè, bí nǹkan ṣe wúwo tó la fi dájọ́. Mẹ́tánọ́ọ̀lù, tí í ṣe májèlé, wúwo tó 0.792 fún mìlílítà kan. Ẹ rántí pé ẹ́tánọ́ọ̀lù jẹ́ 0.789. Ìyàtọ̀ wọn ò tó nǹkan kan. Bí ìgbà tí èèyàn gbé àpò lé òṣùwọ̀n láì tú u ni: kílò ló máa sọ fún yín, kò ní sọ bóyá gàrí ló wà níbẹ̀ tàbí èlùbọ́.

Ká ní ẹnì kan mú ògógóró yín tó jẹ́ 41, ó yọ ìdá 10 ẹ́tánọ́ọ̀lù kúrò, ó sì fi ìdá 10 mẹ́tánọ́ọ̀lù dípò rẹ̀. Háídírómítà á ṣì máa ka nǹkan bíi 41. Tó bá yà rárá, kò ní ju bí ẹyọ kan lọ, ooru ṣọ́ọ̀bù sì ń yí i ju ìyẹn lọ. Ẹni tó bá mu mìlílítà 50 nínú rẹ̀ ti gbé mìlílítà 5 mẹ́tánọ́ọ̀lù mì. Ife mẹ́rin kékeré bẹ́ẹ̀ jẹ́ 20. Mìlílítà 10 péré ti tó láti ba ojú èèyàn jẹ́, nǹkan bíi 30 sì lè gbẹ̀mí.

Àwọn tó ń sè ògógóró máa ń sọ pé àwọn ń da àkọ́kán nù, pé ibẹ̀ ni májèlé máa ń wà. Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá: mẹ́tánọ́ọ̀lù tó dá wà ń hó ní 64.7, ẹ́tánọ́ọ̀lù tó dá wà ń hó ní 78.4. Àmọ́ wọn ò dá wà nínú ìkòkò. Omi, ẹ́tánọ́ọ̀lù àti mẹ́tánọ́ọ̀lù ti dàpọ̀, àdàlù náà ló ń hó pa pọ̀, omi sì ń di mẹ́tánọ́ọ̀lù mú ju bó ṣe ń di ẹ́tánọ́ọ̀lù mú lọ. Látìbẹ̀rẹ̀ dópin ni yóò máa bá ọtí jáde. Dída àkọ́kán nù lè mú kí ọtí náà má rùn fínfín bíi ti nǹkan tí wọ́n fi ń bọ́ ọ̀dà, torí àwọn ohun tó ń rùn bẹ́ẹ̀ ló ń ṣáájú jáde. Kò mú mẹ́tánọ́ọ̀lù kúrò. Èyí tí a sè ní láàbù náà gbé tirẹ̀ kọjá pẹ̀lú ọtí ni, ìdí nìyí tí 38 tàbí 39 tí a rí kò fi jẹ́ ìwé ẹ̀rí ààbò fún ẹnikẹ́ni.

Òórùn ńkọ́? Òórùn mẹ́tánọ́ọ̀lù kò le. Bí ọtí ló ṣe ń rùn, ó tiẹ̀ rọra ju ẹ́tánọ́ọ̀lù lọ. Ẹ bu ìdá díẹ̀ sínú ògógóró tó ń ta sánsán tẹ́lẹ̀, imú ò ní rí i mú. Òórùn tí ẹ mọ̀ mọ́ ògógóró gan-an ń wá láti ara ẹmu tó ti kan àti àwọn ohun kéékèèké tí ìwúkàrà rẹ̀ ṣe sínú ọtí, iye tó kéré gan-an nínú wọn sì ti tó fún imú. Ẹni tó bá da mẹ́tánọ́ọ̀lù sínú ojúlówó ògógóró ò mú òórùn wọ̀nyẹn kúrò. Wọ́n ṣì wà níbẹ̀, wọ́n ṣì ń ta. Tí ọtí bá ń rùn burúkú, ẹ kọ̀ ọ́, ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n tí òórùn rẹ̀ bá dára, ẹ ò tíì mọ nǹkan kan nípa mẹ́tánọ́ọ̀lù inú rẹ̀.

Iná inú ṣíbí náà, bẹ́ẹ̀ ni. Búlúù ni ẹ́tánọ́ọ̀lù ń jó, búlúù ni mẹ́tánọ́ọ̀lù ń jó. Kódà, bóyá ó gbaná tàbí kò gbaná ò fi bẹ́ẹ̀ sọ agbára ọtí fún yín níbí, torí ọtí tó jẹ́ 40 ti lè gbaná tó bá ti gbóná dé nǹkan bí 26, ọ̀sán Àkúrẹ́ sì ju ìyẹn lọ.

Ohun kan tún wà tí àwọn oníbàárà máa ń sọ: "Mo ti mu ú lánàá, kò ṣe mí ní nǹkan kan." Mẹ́tánọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ kì í tètè ṣe èèyàn. Ẹ̀dọ̀ ló máa ń sọ ọ́ di fọmalíhàìdì, èyí tó wà nínú fọ́málíìnì tí wọ́n fi ń tọ́jú òkú, lẹ́yìn náà á di ásíìdì fọ́míìkì. Ásíìdì yìí ló ń kọlu iṣan ojú. Ohun tí ẹ̀dọ̀ fi ń ṣe iṣẹ́ yìí, òun kan náà ló fi ń tú ẹ́tánọ́ọ̀lù, ẹ́tánọ́ọ̀lù ló sì máa ń kọ́kọ́ dá lóhùn. Nítorí náà, bí ojúlówó ọtí bá ṣe pọ̀ tó nínú àdàlù náà, bẹ́ẹ̀ ni ìyà májèlé náà á ṣe pẹ́ tó kó tó hàn: wákàtí 12, 24, nígbà mìíràn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó tọ́ ọ wò láàárọ̀, tí ara rẹ̀ le lálẹ́, kò tíì jẹ́ ẹ̀rí.

Ní Òde-Ìrèlè, ní oṣù kẹrin ọdún 2015, orí ń fọ́ àwọn èèyàn, ojú wọn ń ṣú, wọ́n ń dákú, èèyàn tó lé ní mẹ́wàá sì kú, púpọ̀ nínú wọn láàárín ọjọ́ kan. Àwọn kan ní òrìṣà ló ń bínú, àwọn kan ní oògùn tí wọ́n fi ń pa koríko ni. Àyẹ̀wò láàbù ló fi mẹ́tánọ́ọ̀lù hàn. Ẹmu fúnra rẹ̀ kì í sábà mú mẹ́tánọ́ọ̀lù tó pọ̀ wá, torí ara ohun tó ń mú èso dì, bí irú èyí tó wà nínú ọsàn, ni mẹ́tánọ́ọ̀lù ti ń jáde nígbà tí nǹkan bá ń kan, oje ọ̀pẹ àti ti ògọ̀rọ̀ ò sì ní in tó bẹ́ẹ̀. Tí ó bá pọ̀ dé ibi tó lè pààyàn nínú ògógóró, ẹ fura pé ẹnì kan ló bù ú sí i lójú ọ̀nà, láti inú kẹ́míkà ilé-iṣẹ́. Ó lè ṣẹlẹ̀ láàárín ẹni tó sè é àti ẹni tó gbé e dé ọ̀dọ̀ yín, láìjẹ́ pé ẹni tó sè é mọ̀.

Kí ló wá lè rí i? Ọ̀nà àtijọ́ kan wà tí mo fẹ́ràn, torí háídírómítà náà ń kópa nínú rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ máa ń tẹ̀ tó bá wọ inú omi, ohun èlò kan tí ń jẹ́ rẹfirákitómítà sì ń wọn bó ṣe tẹ̀ tó. Ọtí tí ìdá 40 rẹ̀ jẹ́ ẹ́tánọ́ọ̀lù máa ń ka nǹkan bíi 1.355, tó bá jẹ́ mẹ́tánọ́ọ̀lù ni ìdá 40 yẹn, 1.341 ló máa kà. Ìwúwo wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ìmọ́lẹ̀ wọn ò dọ́gba rárá. Ọtí wa ti ìṣáájú yẹn, tó ní 31 ẹ́tánọ́ọ̀lù àti 10 mẹ́tánọ́ọ̀lù, háídírómítà á pè é ní 41, rẹfirákitómítà á pè é ní nǹkan tí kò tó 35. Tí àwọn méjèèjì bá ń ja báyìí lórí ọtí tí a ti sè kúrò lára ṣúgà, nǹkan wà níbẹ̀. Tí wọ́n bá sì fẹnu kò, ìyẹn ò túmọ̀ sí pé kò sí, torí mẹ́tánọ́ọ̀lù ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ò yí ìmọ́lẹ̀ náà ju ohun tí ìyípadà ooru díẹ̀ lè yí i lọ.

Èyí tí a lè gbára lé jùyẹn ni àyẹ̀wò aláwọ̀. A máa sè ọtí náà bí mo ṣe sọ, a máa fi omi là á, a máa fi pọtásíọ́mù pamángánéètì sọ mẹ́tánọ́ọ̀lù inú rẹ̀ di fọmalíhàìdì, a sì máa fi ásíìdì kan tí ń jẹ́ kromotrópíìkì sí i pẹ̀lú ásíìdì súfúríìkì tó le. Tí ó bá di àwọ̀ àlùkò, mẹ́tánọ́ọ̀lù ti wà níbẹ̀. A kì í wò ó lásán o: a máa gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ìgò mìíràn tí a mọ iye tó wà nínú wọn, a sì máa ń dán ọ̀kan wò láìfi pamángánéètì sí i, kí fọmalíhàìdì tó bá ti wà nínú ọtí tẹ́lẹ̀ má baà tàn wá. Ẹ̀rọ gáàsì kromatógíráfì ló pé jù, torí ó máa ń ya ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sọ́tọ̀ pátápátá, á sì sọ iye wọn.

Ìyá wa, tí ẹ bá ń gbé ọtí lọ sí láàbù, ẹ má ní kí wọ́n "yẹ agbára rẹ̀ wò" nìkan, torí agbára nìkan ni wọ́n máa wọ̀n. Ẹ sọ ọ́ ní gbangba pé mẹ́tánọ́ọ̀lù ni ẹ fẹ́ kí wọ́n wọ̀n. Ẹ mi kẹ́ẹ̀gì kí ẹ tó bu tiyín, ẹ bu ú sínú ìgò onígíláàsì tó mọ́, kó kún dé ọrùn, ẹ dé e pinpin, ẹ kọ ọjọ́ àti orúkọ ẹni tó gbé e wá sára rẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì kọ̀ọ̀kan ló ní ìgò tirẹ̀. Àbájáde ọ̀kan ò kan èkejì, kódà tó bá jẹ́ ọkọ̀ ojú omi kan náà ló gbé wọn wá. Títí èsì á fi dé, ẹ má fi rẹ ègbògi, ẹ má tà á. Tí ẹ bá fura sí ẹnì kan pé ó ń da nǹkan mọ́ ọn, ọ́fíìsì NAFDAC ni kí ẹ gbé e lọ.

Tí ẹnikẹ́ni tó mu nínú rẹ̀ bá wá sọ pé òun ń rí bí ẹni pé kùrukùru bo ojú òun, tí orí ń fọ́ ọ, tí inú ń run ún, tó ń bì, tàbí tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má fún un ní àgbo, ẹ má sì dúró kí ilẹ̀ mọ́. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù ńlá tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fọ ẹ̀jẹ̀, ẹ gbé ìyókù ọtí náà dání, ẹ sì sọ fún dókítà ní ẹnu ọ̀nà pé ẹ ń fura sí mẹ́tánọ́ọ̀lù, kí wọ́n lè tètè fún un ní oògùn tó ń dá ẹ̀dọ̀ dúró kí májèlé náà tó di ásíìdì. Gbogbo àwọn tó bá a mu ú náà gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e lọ, bí ara wọn tiẹ̀ ṣì le.